Aago Márùn-ún Ta Ni? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpàdé Ará Ilé àti Ará Òkè Òkun

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá ilé iṣẹ́ òkèèrè ṣiṣẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, mo kí yín o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ gbogbo, ẹ kú làálàá ìwé kíkọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jókòó sílé ṣiṣẹ́ fún ará òkèèrè, ẹ kú àìsùn. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mukọ yangan, ire ni a ó máa bá ara wa ṣe o.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ènìyàn tó fọ́n káàkiri ayé ṣe lè fi ìpàdé sí àkókò kan náà, kí wọ́n sì pé. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Mi ò ní kó gbogbo rẹ̀. Ẹyọ kan ni n ó mú níbẹ̀, òun náà ni aago tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹnu kò sí, tí ó wá yẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ohun tó fọ́ ìgbìmọ̀ wa sí méjì fún oṣù kan gbáko nìyẹn, ìtàn rẹ̀ ni n ó sì fi ṣíde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Máàṣì ọdún 2025

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà ni wá. Àwa tí a jọ jáde ilé ìwé kan náà ni, a fẹ́ tún òrùlé yàrá ìkàwé méjì ṣe níbẹ̀. Mẹ́ta nínú wa wà nílé níbí: èmi akọ̀wé, ìyáàfin akápò wa tó ń tajà ní Tákíẹ́, àti ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń bá wa bójú tó àwọn káfíńtà. Alága wà ní Ṣikágò ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan wà ní Dùbáì.

A fohùn ṣọ̀kan pé ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ní Sátidé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbí, ni a ó máa pàdé lórí fóònù. Alága sọ pé òun á fi sórí kàlẹ́ńdà fóònù òun, òun á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpàdé àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù Máàṣì. Aago márùn-ún lù níbí, ó jẹ́ aago mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù, aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Ṣikágò, aago mẹ́jọ alẹ́ ní Dùbáì. Gbogbo wa pé pérépéré. Inú wa dùn.

Ìpàdé kejì bọ́ sí ọjọ́ 15. Ní aago mẹ́rin ku díẹ̀, fóònù mi pariwo pé ìpàdé ti yá. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo wọlé. Alága ti wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa náà wọlé, nítorí fóònù tirẹ̀ náà ló jí i. Ará Dùbáì dé, ó ń jẹun lọ́wọ́, torí oṣù Ramadáànì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ni. Nọ́ọ̀sì wa kò wọlé, akápò kò wọlé. A dúró dè wọ́n títí, a ní bóyá kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tó pẹ́, a dìbò lórí irú páànù tí a ó rà. A parí, a túká.

Ní aago márùn-ún géérégé, akápò ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀, ó ṣí fóònù, ó wọlé. Kò bá ẹnì kankan. Ó jókòó síbẹ̀ nìkan. Ìgbà tó wá ka ohun tí a kọ sórí Wáàsáàpù pé a ti yan páànù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ sí wa: "Ẹ ti ṣèpàdé lẹ́yìn mi."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí a náwó láìsí ohùn rẹ̀. Ṣé ó jẹ̀bi? Inú ìwé pélébé tó ń kọ gbèsè oníbàárà sí ló ti kọ "Sátidé, aago márùn-ún", ohun tí a jọ fẹnu kò sí gan-an ló kọ. Nọ́ọ̀sì wa ńkọ́? Ó ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ pé aago mẹ́rin ni, ìgbà tí fóònù rẹ̀ ké ní aago mẹ́ta, aláìsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alága ńkọ́? Aago mẹ́wàá àárọ̀ tó ti máa ń wọlé náà ló wọlé. Kò sẹ́ni tó purọ́, kò sì sẹ́ni tó pẹ́. Síbẹ̀ a kò pàdé. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ta ló sún aago?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní Sọ́ńdè, ọjọ́ 9 oṣù Máàṣì, láàrin ìpàdé kìíní àti ìkejì, Amẹ́ríkà sún aago rẹ̀ síwájú ní wákàtí kan. Kí ló ń mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀? Níbi tí a wà yìí, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù, bí wákàtí kan ni ìyàtọ̀ ojúmọmọ wọn. Bí a bá jí ní aago mẹ́fà, a mọ irú ojúmọ́ tí a ó bá, ìbáà jẹ́ ọyẹ́ ìbáà jẹ́ òjò. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọmọ máa ń ju wákàtí 16 lọ ní oṣù Júùnù, tó bá sì di Dìsẹ́ńbà, kì í pé 8. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń sún aago síwájú nígbà tí ooru bá ń bọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè pẹ́ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Bí òtútù bá ń padà bọ̀, wọ́n á dá a padà.

Ká ní gbogbo wọn jọ ń sún un lọ́jọ́ kan ni, ìyọnu rẹ̀ kì bá tí pọ̀. Ẹ gbọ́ ibi tí ìṣòro wà. Láti ọdún 2007, Sọ́ńdè kejì nínú Máàṣì ni Amẹ́ríkà ń sún aago síwájú, Sọ́ńdè kìíní nínú Nòfẹ́ńbà ni wọ́n sì ń dá a padà. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn Máàṣì ni ti Lọ́ńdọ̀nù, Sọ́ńdè tó kẹ́yìn Òkítóbà ni wọ́n sì ń dá tiwọn padà. Nàìjíríà kì í sún rárá. Dùbáì kì í sún rárá. Nínú Amẹ́ríkà gan-an, ọ̀pọ̀ ibi ní ìpínlẹ̀ Àrísónà kì í sún, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bi ènìyàn pé ìlú wo lo wà, mi ò kì í bi í pé orílẹ̀-èdè wo.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta máa ń wà nínú Máàṣì tí Amẹ́ríkà ti sún, tí Lọ́ńdọ̀nù kò tíì sún. Ọ̀sẹ̀ kan tún máa ń wà ní ìparí Òkítóbà tí Lọ́ńdọ̀nù ti dá tirẹ̀ padà, tí Amẹ́ríkà kò tíì dá tirẹ̀. Àárín àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni ìpàdé ti ń dàrú jù. Ẹ jẹ́ kí a fi ìpàdé tiwa kà á. Aago márùn-ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ kìíní Máàṣì jẹ́ aago mẹ́rin Lọ́ńdọ̀nù àti aago mẹ́wàá Ṣikágò. Aago márùn-ún kan náà ní ọjọ́ 15 jẹ́ aago mẹ́rin Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ó ti di aago mọ́kànlá ní Ṣikágò. Nígbà tí a ó fi dé ọjọ́ 12 oṣù Épírì, Lọ́ńdọ̀nù náà ti sún, aago márùn-ún tiwa ti di aago márùn-ún tiwọn. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìṣirò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ará Dùbáì nìkan ni aago mẹ́jọ alẹ́ rẹ̀ kò yí padà.

Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe kan ti ń wá tí mo ń bá pàdé gan-an lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ará Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Júùnù á gbà pé aago wa dọ́gba, nítorí ó dọ́gba lóòótọ́ nígbà náà. Á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí Òkítóbà yóò fi parí. Láti ọjọ́ náà lọ, wákàtí kan ni òun á máa fi ṣáájú gbogbo ènìyàn dé ìpàdé, á sì máa rò pé àwọn ni kò ka òun sí.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé aago ló yẹ̀, pé kì í ṣe ìpẹ́lẹ́yìn lásán? Ẹ wo iye àkókò tí ènìyàn fi tàsé. Ẹni tó pẹ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tàbí nítorí iná tó lọ, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kì í pẹ́ bá fi wákàtí kan géérégé tàsé, tó sì jẹ́ Máàṣì tàbí ìparí Òkítóbà ni, ẹ má bínú sí i. Ẹ lọ wo kàlẹ́ńdà.

Èèkàn ìpàdé

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù lọ. Bí a bá so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, ibi tí èèkàn bá wà ni yóò máa jẹ yí ká. Gbogbo ìpàdé tí a bá fi sórí kàlẹ́ńdà fóònù ló ní èèkàn tirẹ̀. Èèkàn náà ni ìlú tí a so aago ìpàdé mọ́. Bí ìlú yẹn bá sún aago, ìpàdé bá a sún, àwọn tó wà ní ìlú mìíràn á sì rí i pé aago ìpàdé ti yí lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí alága fi ìpàdé wa sórí fóònù rẹ̀, Ṣikágò ni fóònù náà so ó mọ́, nítorí ibẹ̀ ni fóònù wà. Kò bi í léèrè. Mo gbé e sójú pátákó kí ẹ lè rí i bí àwọn kàlẹ́ńdà ṣe ń kọ ọ́ síra wọn. Ìlà àkọ́kọ́ ni ti alága, ìkejì ni èyí tó yẹ ká kọ, ìkẹta ló ń sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì méjì ní Sátidé:

```
DTSTART;TZID=America/Chicago:20250301T100000
DTSTART;TZID=Africa/Lagos:20250301T170000
RRULE:FREQ=WEEKLY;INTERVAL=2;BYDAY=SA
```

Ẹ wo ìlà méjì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kìíní Máàṣì, ìṣẹ́jú kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 15, ìlà àkọ́kọ́ dúró ti aago mẹ́wàá Ṣikágò, ó fi aago mẹ́rin fún wa nílé. Ìlà kejì ì bá dúró ti aago márùn-ún wa, alága ni ì bá rí aago mọ́kànlá lójú fóònù tirẹ̀. `Africa/Lagos` ni orúkọ tí gbogbo Nàìjíríà ń jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ má wá Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀.

Báwo la ṣe ń yan èèkàn? Bí àwọn tó pọ̀ jù bá wà nílé, ẹ so ó mọ́ ilé. Ìdí mi ni pé aago tiwa kì í yẹ̀. Ẹni tó ní ìwé pélébé bíi ti akápò wa lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó sì máa jẹ́ òótọ́ yí ọdún po, àwọn tó wà ní òkè òkun sì ti mọ́ ọn lára láti máa sún aago. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó wà lọ́hùn-ún, tí ọ̀gá yín ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ òun ni ìpàdé, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni èèkàn wà, ẹ̀yin lẹ ó máa bá a yí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kò le. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìpàdé sórí kàlẹ́ńdà, ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí wọ́n ti ń yan ìlú. Ẹ yan ìlú níbẹ̀. Ẹ má yan nọ́ńbà bíi `GMT+1`, nítorí nọ́ńbà kò mọ ìgbà tí ìlú ń sún aago. Bí ẹ bá sì rí `Etc/GMT+1` níbìkan, ẹ sá fún un, òdì ni wọ́n kọ àmì rẹ̀, wákàtí méjì ni ó fi jìnnà sí tiwa. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ ṣí kàlẹ́ńdà lọ sí oṣù Júláì àti sí oṣù Dìsẹ́ńbà, kí ẹ wo aago tó fi hàn yín. Bó bá jẹ́ iye kan náà ni, èèkàn wà lọ́dọ̀ yín tàbí ní ìlú mìíràn tí kì í sún aago. Bó bá yí, òkèèrè ló wà. Ìṣẹ́jú kan ni àyẹ̀wò yìí ń gbà. Ká ní mo ti ṣe é ní Fẹ́búárì, akápò kì bá tí jókòó nìkan.

Aago tó dára lójú ìwé

Ní àárín ọdún náà, ẹnì kan tún dara pọ̀ mọ́ wa láti Màléṣíà. Aago Màléṣíà fi wákàtí méje ṣáájú tiwa. Aago márùn-ún wa wá di aago méjìlá òru tirẹ̀. Alága gbé bébà, ó ní kí a wá wákàtí tí kò sẹ́ni tó máa jí ṣáájú aago méje àárọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó máa kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó rí i: aago méjì ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́. Á jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Màléṣíà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Dùbáì, aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Ṣikágò nígbà ooru, aago méje nígbà òtútù. Gbogbo àwọn ará òkè òkun pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, mo bi yín léèrè o: níbo lẹ máa ń wà ní aago méjì ọ̀sán Sátidé?

Ẹ ti dáhùn. Ìdí ìnáwó ni! Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìṣílé, ìkómọ. Aṣọ ẹbí wà lọ́rùn, ìlù ń dún létí, ẹ ní kí ènìyàn wá gbé fóònù sétí kó máa sọ̀rọ̀ páànù. Aago lójú ìwé kò mọ ohun tí Sátidé jẹ́ nílùú wa, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé ní Ramadáànì, aago mẹ́jọ alẹ́ Dùbáì bọ́ sí àkókò ìrun àṣámù. Ìṣirò lè sọ ẹni tó lajú sílẹ̀, kò lè sọ ẹni tó ráyè. Bèèrè ni a gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé wákàtí wo ni kò ṣeé fọwọ́ kàn nínú ọ̀sẹ̀ rẹ̀, àti pé kí ló wà níbẹ̀.

Ohun tí a fi yanjú rẹ̀ ni pé a pín ìnira náà. Ìpàdé kan ní aago méjì ọ̀sán, èyí tó tẹ̀ lé e ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó bá jẹ́ aago méjì, àwa ilé la máa kúrò nídìí ìnáwó fún wákàtí kan. Nígbà tó bá jẹ́ aago márùn-ún, ará Màléṣíà kì í wá. Ó ń kọ ìbò rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, nítorí a fẹnu kò pé ohunkóhun tí a ó dìbò lé lórí gbọ́dọ̀ ti wà lórí Wáàsáàpù láti Alámìísì. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi dandan lé e pé kí gbogbo ènìyàn pé ní gbogbo ìgbà. Mi ò bá wọn gbà á. Ẹni tó ń fi òru ṣèpàdé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì yóò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Òru Sátidé, òru ta ni?

Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí ará Màléṣíà, mo kọ pé: "Aago méjìlá òru Sátidé lọ́dọ̀ yín." Ó wọlé ní òru Fúráìdé tó mọ́jú Sátidé, wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú wa. Èmi ń sọ òru tó tẹ̀ lé ọ̀sán Sátidé gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Fóònù rẹ̀ ń ka aago méjìlá òru sí ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́, ohun tí fóònù wí ló tẹ̀ lé.

Èdè wa kúkú ti ní oògùn èyí tipẹ́. Àwọn tó ń pe ìsọ́ òru kì í sọ pé "òru Fúráìdé" kí wọ́n dákẹ́. "Fúráìdé mọ́jú Sátidé" ni wọ́n máa ń kọ sára pátákó. Ọjọ́ méjèèjì ni wọ́n dárúkọ, ẹnikẹ́ni kò lè ṣì í gbọ́. Láti ìgbà náà, gbogbo ìwé ìpè mi ni mo ń kọ báyìí: orúkọ ìlú, orúkọ ọjọ́, aago, bó bá sì jẹ́ òru, mọ́jú ọjọ́ wo. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ẹ má kọ aago kan kí ẹ ní kí oníkálukú lọ ṣírò tirẹ̀.

Akápò wa, ẹni tó jókòó nìkan lọ́jọ́ yẹn, òun ló gba iṣẹ́ ìṣírò náà lọ́wọ́ mi báyìí. Ó so kàlẹ́ńdà ńlá kan mọ́ ògiri ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Òkítóbà ọdún náà ń parí lọ, ó fi bírò pupa yí ọjọ́ 26 Òkítóbà ká, ó kọ "Lọ́ńdọ̀nù" sí i. Ó yí ọjọ́ 2 Nòfẹ́ńbà ká, ó kọ "Ṣikágò" sí i. Ìwé ìpè tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa lẹ́yìn náà rèé:

"Sátidé, 8 Nòfẹ́ńbà. Ògbómọ̀ṣọ́, aago méjì ọ̀sán. Lọ́ńdọ̀nù, aago kan ọ̀sán. Ṣikágò, aago méje àárọ̀. Dùbáì, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Màléṣíà, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Aago ti yí ní Lọ́ńdọ̀nù àti Ṣikágò, ẹ má lo ti àtẹ̀yìnwá."

A pé lọ́jọ́ náà, àwa méjèèje.

Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó bọ́ sí ìbéèrè, kí olúkúlùkù mú fóònù rẹ̀ jáde. Ẹ ṣí ìpàdé kan tí ẹ ń ṣe léraléra pẹ̀lú ará òkèèrè. Ẹ yí kàlẹ́ńdà lọ sí Máàṣì tó ń bọ̀. Aago mélòó ló kọ fún yín níbẹ̀?